Aago ìtìlẹ̀kùn ní Òkè-Ẹ̀rì, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè: báwo ló ṣe yẹ ká yára tó?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alákòóso. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún eré kìlómítà 50. Ẹ ní wákàtí 9 lẹ fún wa, ìbọn á dún ní aago 6 òwúrọ̀, eré á parí ní aago 3 ọ̀sán. Mo pín in, ó fún mi ní ìṣẹ́jú 10 àti àáyá 48 fún kìlómítà kan. Ṣé tí mo bá di ìyẹn mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní sẹ́ni tó máa dá mi dúró lọ́nà?

Alákòóso Eré

A ó dá ọ dúró ní Òkè-Ẹ̀rì, àbúrò, nígbà tí o kò tíì sá ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀nà. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fara balẹ̀ ka èyí, torí èmi ni mo máa ń jókòó sídìí ìwé ní ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo sì máa ń gba nọ́ńbà àyà lọ́wọ́ ẹni tí agbára ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Púpọ̀ nínú wọn, ìṣirò tí ìwọ ṣe yìí gan-an ni wọ́n bá wá.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà eré, tí a bá sì ti ti ọ̀kan, ẹni tí kò bá tíì kọjá níbẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ti Òkè-Ẹ̀rì wà ní kìlómítà 11, a ó tì í ní aago 7:50. Ti Ìjẹ̀bú-Igbó wà ní kìlómítà 25, a ó tì í ní 10:15. Ti Àgọ́-Ìwòyè wà ní kìlómítà 37, a ó tì í ní 12:30. Èyí tó kẹ́yìn ni òpin eré ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tá a ti gbéra. Ọ̀nà inú oko tá a gbà ló jẹ́ kí kìlómítà pọ̀ ju ti ojú títì lọ, ẹ má fi ti ọkọ̀ wé e.

Wá fi ìṣẹ́jú 10 àti àáyá 48 rẹ lọ sí Òkè-Ẹ̀rì. Kìlómítà 11 á gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú 119, ó dín díẹ̀. Aago á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu 7:59. A ó ti ti ilẹ̀kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 9.

Ìdí ni pé a ò pín wákàtí 9 náà dọ́gba. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Òkè-Ẹ̀rì, ìṣẹ́jú 10 péré la fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó lé ní ìṣẹ́jú 10 díẹ̀. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó gba Òru sí Àgọ́-Ìwòyè, ó di ìṣẹ́jú 11 àti àáyá 15. Apá ìkẹyìn ló fẹ̀ jù, ìṣẹ́jú 11 àti bí ìlàjì. A mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹni kì í yá ní kìlómítà 45 bó ṣe yá ní kìlómítà 5, àti pé láti Òru lọ, orí ọ̀dà lẹ máa wà nígbà tí oòrùn bá ti kàn yín látàrí. Ẹni tó bá dé Ìjẹ̀bú-Igbó ní aago 10:30 kò pẹ́ rárá tó bá jẹ́ pé a pín in dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sá kìlómítà 25 tó kù nínú ooru bó ṣe sá ti àárọ̀ gẹ́lẹ́, kò sì wọ́pọ̀ kí ara gbà fún ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá.

Ohun kejì ni pé ọkọ̀ tó gbé omi sí Òkè-Ẹ̀rì, òun náà ló ń gbé e lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Tí a bá fi í sílẹ̀ de ẹni mẹ́ta tó kù lẹ́yìn, àwọn tó ṣíwájú á dé Àgọ́-Ìwòyè, wọn ò ní bá omi.

Sárésáré Ìlíṣàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Ìṣẹ́jú 10 sí 11 fún kìlómítà kan, ìrìn kánmọ́kánmọ́ ni. Kìlómítà márùn-ún àti ààbọ̀ ní wákàtí kan ni ìṣẹ́jú 10 àti àáyá 48 yẹn já sí. Àwọn ìyá wa ń rin jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ́jà pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ohun tí mo máa sọ fún Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni pé kó tọ́jú àkókò sápò láti àárọ̀. Kó fi ìṣẹ́jú 6 àti ààbọ̀ sá kìlómítà kan títí dé Òkè-Ẹ̀rì. Á dé ibẹ̀ ní bíi 7:12, á ní ìṣẹ́jú 38 lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà kó máa rìn bó bá ṣe wù ú.

Ìyá Ẹlẹ́ja Àtìkorí

Mo kí gbogbo yín o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kó má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Ní eré kan tí mo lọ, kì í ṣe èyí, mo dé ibùdó kejì nígbà tó ku ìṣẹ́jú 4 kí wọ́n tì í. Inú mi dùn. Mo jókòó, mo bọ́ bàtà, mo gbọn iyanrìn inú rẹ̀, mo mu pọ́ọ̀ wọ́tà méjì, mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo dìde, wọ́n ní kí n mú nọ́ńbà mi wá. Mo ní mo ti dé kí àkókò tó pé, ẹ wo orúkọ mi nínú ìwé. Wọ́n ní àkókò tí mo kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe àkókò tí mo débẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Mo sunkún títí mo fi délé.

Báwo ni tiyín, Alákòóso? Dídé ni àbí kíkúrò?

Alákòóso Eré

Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Kíkúrò ni tiwa náà, mo sì dúpẹ́ pé ẹ bèèrè kí ọjọ́ tó pé. Ní 7:50 géérégé, ẹni tó bá ṣì wà nídìí omi ní Òkè-Ẹ̀rì ti bọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 7:40 ló dé. Ẹ gbọ́dọ̀ ti kọjá okùn pupa tó wà lẹ́yìn àwọn tábìlì. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn méjì tó ń tẹ̀lé ẹni ìkẹyìn máa gbéra láti ibi okùn yẹn ní 7:50, kò sì yẹ kí sárésáré kankan wà lẹ́yìn wọn nínú igbó.

Ìlíṣàn, ohun tí o sọ nípa ìrìn jẹ́ òtítọ́ lórí títì, fún wákàtí kan tàbí méjì. Àmọ́ lẹ́yìn Òkè-Ẹ̀rì, inú yàrà Ẹ̀rẹ̀dò ni ọ̀nà wa gbà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ibẹ̀ rí mọ ohun tí mo ń sọ. Odi rẹ̀ ga tó mítà 20 láwọn ibòmíì, ewé bò ó lórí, amọ̀ ẹsẹ̀ odi máa ń tutù, ó sì ń yọ̀. Mo ti rí ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 7 sá kìlómítà kan lórí ọ̀dà tó lo ìṣẹ́jú 14 nínú yàrà yẹn. Ẹni tó ní òun á máa rìn á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti kí èèyàn tọ́jú ìṣẹ́jú 38, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe gba ẹni tuntun nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 9 tó wá fi ìṣẹ́jú 6 àti ààbọ̀ sá kìlómítà 11 á dá gbogbo rẹ̀ padà kó tó kọjá Òru, á sì fi èlé lé e.

Bàbá Òru

Mo ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ohun kan ló rú mi lójú. Ẹ ní Àgọ́-Ìwòyè di aago 12:30. Ṣé ẹni tó bá débẹ̀ ní aago 11 máa jókòó dúró di 12:30 ni kó tó lè tẹ̀ síwájú? Ìjókòó yẹn á mú ẹsẹ̀ gan.

Alákòóso Eré

Rárá o, Bàbá. Ẹni tó bá dé ní 11 lè máa bá tirẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. 12:30 ni ìgbà tí ilẹ̀kùn ń tì, ó ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ṣágámù

Nǹkan kan ṣì wà tí ẹ ò tíì fi kún un, Alákòóso. Ṣé láti ìgbà tí ìbọn bá dún lẹ ó ti máa ka àkókò ni, àbí láti ìgbà tí ṣípù ẹsẹ̀ kálukú bá kọjá ìlà? Èèyàn tó wà lẹ́yìn lè lo ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kó tó dé ìlà rárá.

Alákòóso Eré

Láti ìgbà tí ìbọn bá dún ni, fún gbogbo ènìyàn. Ṣípù wà fún àkókò tá a máa kọ síwájú orúkọ yín lẹ́yìn eré, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilẹ̀kùn.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ṣágámù

Ó dáa. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, jẹ́ ká tún ìṣirò rẹ ṣe fún Òkè-Ẹ̀rì nìkan. Láti ìgbà tí ìbọn bá dún títí di 7:50 jẹ́ ìṣẹ́jú 110. Yọ 3 tí o máa lò nínú èrò kí o tó dé ìlà. Yọ 3 tí o máa lò nídìí omi. Yọ 5 sílẹ̀ fún ohun tí o kò rò tẹ́lẹ̀, bí okùn bàtà tó já tàbí ìgbẹ́ tó gbọ̀n ọ́. Pín èyí tó kù sí kìlómítà 11:

```
(110 - 3 - 3 - 5) / 11 = 9
```

Ìṣẹ́jú 9 ni ìyára rẹ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá ń lọ, kì í ṣe 10 àti àáyá 48. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì tí o fi ṣi í lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan.

Alákòóso Eré

Ẹ ṣeun, Olùkọ́, ẹ ti gbà mí lọ́wọ́ àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n mú un dé òpin, kí ó lè rí bí gbogbo ọjọ́ náà ṣe máa lọ.

Tó bá kọjá ìlà ní 6:03 tó sì ń fi ìṣẹ́jú 9 sá kìlómítà kan, 7:42 ló máa dé Òkè-Ẹ̀rì, 7:45 ló máa kúrò. Nínú Ẹ̀rẹ̀dò àti lójú ọ̀nà oko, kó gbà pé ìyára òun á dín kù, ká pè é ní ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 45 tá a bá da ibi tó le pọ̀ mọ́ ibi tó dẹ̀. Ìyẹn á mú un dé Ìjẹ̀bú-Igbó láàárín 10:01 sí 10:02. Níbẹ̀ ni kó ti jẹun, kó lo ìṣẹ́jú 6, á kúrò nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú 7 kí a tì í. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀ fún un. Kódà bó bá rẹ̀ ẹ́ débi tó fi ń lo ìṣẹ́jú 10 àti ààbọ̀ lórí kìlómítà kan, á dé Àgọ́-Ìwòyè ní nǹkan bí 12:14. Kó tún sinmi ìṣẹ́jú 6, kó wá fi ìṣẹ́jú 11 àti àáyá 15 wọ́ bọ̀ wálé, kò tíì ní ju 2:46 lọ tó fi máa dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìṣẹ́jú 5 ló ní lọ́wọ́ ní Òkè-Ẹ̀rì, 7 ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bíi 10 ní Àgọ́-Ìwòyè, 14 ní òpin. Ó ń lọ́ra sí i, síbẹ̀ ààyè rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Òkè-Ẹ̀rì ló há jù lójú ọ̀nà yìí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rò pé eré ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún rántí òkùnkùn. Ní àsìkò ọyẹ́ yìí, oòrùn kì í yọ títí aago 6:30 fi kọjá. Ẹni tí kò bá mú tọ́ọ̀ṣì dání á lọ́ra fún kìlómítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 5 tí Olùkọ́ yọ sílẹ̀ yẹn á sì ti lọ.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọkàn mi ti balẹ̀ wàyí, torí mo sá kìlómítà 24 lọ́sẹ̀ tó kọjá ní àyíká Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn, aago ọwọ́ mi sì sọ pé ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 20 ni mo fi ń sá kìlómítà kan. Ó kù díẹ̀ péré kó di 9.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ṣágámù

Aago mélòó lo kúrò nílé, aago mélòó lo padà dé?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

5:30 ni mo jáde. 9:32 ni mo wọlé, ìyá mi ń lọ ṣọ́ọ̀bù ló jẹ́ kí n rántí. Mo dúró ra omi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kí ọ̀rẹ́ mi kan.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ṣágámù

Ìṣẹ́jú 242 nìyẹn. Pín in sí 24, ó lé ní ìṣẹ́jú 10, kì í ṣe 9 àti àáyá 20. Wo inú aago rẹ, ó ṣeé ṣe kí `Auto Pause` wà ní títàn. Gbogbo ìgbà tí o bá dúró lòun náà ń dúró, kò ka ìṣẹ́jú 18 tí o lò nídìí omi àti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Ó wà ní títàn lóòótọ́. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe.

Alákòóso Eré

Pa á, kí o má sì tàn án mọ́ títí eré á fi parí. Ilẹ̀kùn wa kì í dúró de ẹni tó dúró. Nǹkan míì tí mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò nínú aago yẹn ni bóyá `min/km` ló wà lójú rẹ̀ tàbí `min/mi`. Ẹnì kan pè mí láàárọ̀ àná, ó ní òun ń lo ìṣẹ́jú 14 àti ààbọ̀, pé kí n dá owó òun padà. Máìlì ni aago rẹ̀ ń kà. Ìṣẹ́jú 9 lórí kìlómítà ló ń sá, ó péye.

Nínú Ẹ̀rẹ̀dò, ẹ má tilẹ̀ gbára lé aago ọwọ́. Ewé àti odi máa ń dí i lójú, ó lè fi kún ọ̀nà, ó sì lè yọ kúrò. Pátákó kìlómítà tá a gbé sójú ọ̀nà àti aago lásán ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá rí pátákó 18, kí aago má tíì kọjá 9 àárọ̀.

Bàbá Òru

Mo ti sá eré ọ̀nà jíjìn fún ọdún pípẹ́ kí orúnkún tó dá mi dúró, mi ò sì fi gbogbo ara gba ohun tí Alákòóso sọ fún ọmọ Ìlíṣàn. Èmi, ìdájí ni mo máa ń tẹsẹ̀ mọ́rìn. Tí oòrùn bá ti mú, kò sí ohun tí mo ṣe tí ara mi ń gbà. Tí mo bá fi ìṣẹ́jú 9 sá ti àárọ̀ kí n lè tọ́jú agbára, agbára náà kò sí níbẹ̀ ní ọ̀sán. Ìṣẹ́jú 15 ni mo máa ń fi ṣíwájú ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. 38 pọ̀ jù lóòótọ́.

Sárésáré Ìlíṣàn

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo gbà pé 38 ti pọ̀ jù fún un. Èmi ń sá kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú 5 àti ààbọ̀, ara mi ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n.

Alákòóso Eré

Mi ò ní bá Bàbá jiyàn lórí 15. Fún ẹni tí ooru máa ń tètè mú, ó lè jẹ́ òun ló yẹ. Fún ẹni tí kò sá ju kìlómítà 24 lọ rí, 5 sí 8 ni mo mọ̀ tó máa ń gbé e délé. Kálukú á fi ara rẹ̀ wò ó kí ọjọ́ tó pé.

Ìyá Ẹlẹ́ja Àtìkorí

Ọ̀rọ̀ ìbọn yẹn ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin lẹ ní kí àwa tí kò yára dúró lẹ́yìn kí a má baà dí àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà. A gbọ́ràn, a dúró lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú 3 lọ nínú èrò. Ilẹ̀kùn tó há jù nínú gbogbo eré ló sì wá kàn. Àwa tí a nílò ìṣẹ́jú 3 yẹn jù lẹ gbà á lọ́wọ́ wa.

Alákòóso Eré

Òtítọ́ lẹ sọ, Màmá. Ohun tó mú wa ka àkókò láti ìgbà ìbọn ni pé àwọn tó wà ní ẹnu ọ̀nà ní aago kan ṣoṣo lọ́wọ́, wọn ò lè máa wá àkókò ṣípù ẹni kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dé. Èmi fúnra mi fẹ́ ká sún Òkè-Ẹ̀rì sí 7:53. Mo ti dá a lábàá fún ìgbìmọ̀, ẹni tó ń bójú tó ọkọ̀ omi ò tíì gbà. Títí ẹ ó fi rí ìkéde míì, 7:50 ni kí ẹ máa fi ṣírò.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Mo padà dé láti ojú ọ̀nà báyìí. Mo pa `Auto Pause`, mo sá kìlómítà 11, mo dúró ìṣẹ́jú 3 nídìí omi bí ẹni pé Òkè-Ẹ̀rì ni. Láti ìgbà tí mo gbéra títí mo fi parí, ìṣẹ́jú 103. Tí mo bá fi ìṣẹ́jú 3 inú èrò kún un, 7:46 ni mo máa kúrò. Ìṣẹ́jú 4 ló kù lọ́wọ́ mi.

Alákòóso Eré

Orí títì ni àbí ọ̀nà oko?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Orí títì.

Alákòóso Eré

Tún un sá lọ́jọ́ Sátidé lójú ọ̀nà oko, kí o bẹ̀rẹ̀ ní aago 6 pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí o wá sọ iye tó jẹ́ fún wa.

Ìyá Ẹlẹ́ja Àtìkorí

Tí ọ̀nà Àtìkorí bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọmọ mi, máa bọ̀ wá síbí. Mo ń sá lọ́jọ́ yẹn náà, ọ̀nà oko wà lẹ́yìn ilé wa. Bàtà ni kí o má gbàgbé láti so le, iyanrìn ibẹ̀ máa ń wọlé.